Kí Ẹ Tó Bi Ọmọ Pé Ipò Kelòó Ló Wà



Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa, káàdì èsì ìdánwò táàmù kejì ti wà lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà tí a ti pín in ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Tíṣà, báwo ni ọmọ mi ṣe ti ipò kẹfà bọ́ sí ìkẹsàn-án, nígbà tí máàkì rẹ̀ lọ sókè?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ sì wà lórí káàdì náà, bí a bá mọ ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Ọmọ kan tí a ó pè ní Lágbájá ni n óò fi ṣàlàyé. Máàkì rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ẹnikẹ́ni nínú yín, èmi ni mo tò ó kalẹ̀ kí ìṣirò rẹ̀ má bàa le, ṣùgbọ́n bí a ṣe ṣe tirẹ̀ náà la ṣe ti gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìṣirò. Tẹ́ẹ̀sì méjì tí a ṣe láàárín táàmù ló kó máàkì 40, ogún-ogún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdánwò ìparí táàmù sì kó 60 tó kù. Lágbájá gba 13 nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ó gba 15 nínú èkejì, ìyẹn 28. Ó gba 39 nínú ìdánwò, gbogbo rẹ̀ wá di 67. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìwé ìdánwò tí ọmọ gbé wálé lè ní 65 tí wọ́n fi bírò pupa kọ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Òbí a wo káàdì, a bá 39 níbẹ̀, a sì gbà pé ẹnì kan ti yọ máàkì ọmọ òun. Kò sí ẹni tó yọ ọ́. Orí 100 ni tíṣà Ìṣirò ti máàkì ìwé náà, káàdì kò sì gbà ju 60 lọ fún ìdánwò. Nítorí náà, gbogbo 10 tó bá wà lórí ìwé di 6 lórí káàdì, 65 sì di 39. Àwọn tíṣà mìíràn ń máàkì tiwọn lórí 60 láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé àti káàdì fi bára mu nínú iṣẹ́ kan, tí wọn kò bára mu nínú òmíràn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 67 yẹn, ẹ ó rí 55. Ìpíndọ́gba kíláàsì nínú Ìṣirò nìyẹn. A ro máàkì gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò náà pọ̀, ó jẹ́ 2,090. A pín in fún ọmọ 38, 55 ló kàn wọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ 40 ló wà nínú kíláàsì yóò béèrè àwọn méjì tó kù. Ara wọn ni kò yá, òbí wọn sì mú ìwé dókítà wá, nítorí náà ìlà kékeré la fà sí àyè wọn, a kò kọ òdo. Ká ní òdo la kọ, 2,090 náà la ó pín fún 40, ìpíndọ́gba ì bá já sí 52 àti díẹ̀, gbogbo àwọn yòókù ì bá sì dà bí ẹni tó mọ̀wé ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òdo jẹ́ ti ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò tí kò rí nǹkan kan kọ, tàbí ti ẹni tó sá fún un láìnídìí. Bí ẹ bá rí òdo níbi tó yẹ kí ìlà wà, ẹ tètè sọ fún wa, torí yóò fa máàkì ọmọ yín wálẹ̀, yóò sì ba ìpíndọ́gba gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Ìpíndọ́gba yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ipò rárá. Lágbájá gba 74 nínú Yorùbá. Ẹni tó bá fi 74 wé 67 yóò sọ pé Yorùbá ló mọ̀ ju Ìṣirò lọ. Ṣùgbọ́n 78 ni ìpíndọ́gba kíláàsì nínú Yorùbá, ìyẹn ni pé ó fi máàkì 4 rẹlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló fi 12 ga ju ti Ìṣirò lọ. Ìbéèrè Yorùbá rọrùn ní táàmù yìí, ti Ìṣirò le. Nínú iṣẹ́ tó le ni ọmọ yìí ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, òun sì ni wọ́n lè máa bá wí nílé nítorí 67.

Síbẹ̀, agbára ìpíndọ́gba ní ibi tó mọ. Ká sọ pé ọmọ márùn-ún péré ló ṣe iṣẹ́ kan, tí wọ́n gba 90, 88, 40, 38 àti 34. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 58, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba ohun tó sún mọ́ 58. Ọmọ tó gba 40 fi 18 rẹlẹ̀ sí ìpíndọ́gba, òun náà ló sì ṣe ipò kẹta. Ohun tó fà á tí a fi ń kọ máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù sórí káàdì nìyẹn. Bí méjèèjì bá jìnnà síra gan-an, ẹ má ṣe gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé ìpíndọ́gba lórí.

Wàyí o, Lágbájá gba 58 nínú ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì, níbi tí ìpíndọ́gba ti jẹ́ 64. Ọ̀pọ̀ òbí á ti máa wá tíṣà lẹ́sìnnì kiri báyìí. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ wo inú 58 náà. Tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 31 nínú 40, ìdánwò rẹ̀ jẹ́ 27 nínú 60. Ọmọ tó gba 31 nínú 40 gbọ́ ohun tí tíṣà kọ́ ọ, torí tẹ́ẹ̀sì a máa tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kíákíá, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìdánwò ló bi í ní ohun tí a ti kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, ó sì ti gbàgbé. Irú ọmọ báyìí kò nílò kí ẹnì kan tún iṣẹ́ náà kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan nínú ilé máa ní kó ṣí ìwé nóòtì àtẹ̀yìnwá ní alẹ́ Sátidé, kó ka tinú rẹ̀ sókè. Owó lẹ́sìnnì tí ẹ fẹ́ san, ẹ fi pamọ́. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tí ó gba 14 nínú tẹ́ẹ̀sì, tó wá gba 44 nínú ìdánwò. 58 lòun náà gbà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì kan. Ìwé àtòjọ ìwásí ọmọ lẹ máa béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà.

Ó wá ku ipò. Iṣẹ́ 12 ni Lágbájá ṣe. A ro máàkì rẹ̀ nínú méjèèjìlá pọ̀, ó jẹ́ 792. A fi 12 pín in, ó di 66. Nọ́ńbà 66 yìí la fi tò ó pẹ̀lú àwọn yòókù, kì í ṣe 792. Ìdí rẹ̀ ni Tàmẹ̀dù, ọmọ tó ti ilé-ìwé mìíràn dé, tí kò ṣe Faransé rí, tí ọ̀gá sì gbà pé kó má ṣe é lọ́dún yìí. Iṣẹ́ 11 ni tirẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 737. Bó bá ṣe pé àpapọ̀ la fi tò wọ́n, yóò bọ́ sẹ́yìn nítorí iṣẹ́ tí a kò ní kó ṣe. Ẹ fi 11 pín 737, ó di 67. Tàmẹ̀dù ló ṣe ipò karùn-ún, Lágbájá ló ṣe ìkẹsàn-án.

Ẹ dúró wo ìyẹn dáadáa. Láti ipò karùn-ún dé ìkẹsàn-án, máàkì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àárín wọn ni àwọn ọmọ méjì tó gba 66.5 wà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ipò kẹfà, kò sí ìkeje, ẹni tó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú 66.25 ṣe ìkẹjọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jọ ṣe ipò kẹfà bá gba máàkì kan péré sí i nínú iṣẹ́ kan, ipò a yí padà. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi ẹgba kí káàbọ̀ nítorí irú àlàfo báyìí, ó sì dùn mí.

Kí ló wá dé tí Lágbájá fi já wálẹ̀? Ní táàmù àkọ́kọ́, 63 ni ìpíndọ́gba rẹ̀, ó ṣe ipò kẹfà. Báyìí ó ti di 66. Ó fi 3 lọ sókè. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba gbogbo kíláàsì ti kúrò ní 54, ó ti di 59, àwọn fi 5 lọ sókè. Ẹni tó ń rìn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kò padà sẹ́yìn, wọ́n kàn kọjá lára rẹ̀ ni. Èyí tó yẹ kó ká òbí lára ni òdìkejì rẹ̀: ọmọ tí ipò rẹ̀ kò yí padà, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ sì já láti 63 sí 57 torí pé gbogbo kíláàsì jọ já wálẹ̀ ni. Òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìpíndọ́gba ọmọ fúnra rẹ̀ la ó gbé lọ sí táàmù kẹta. A ó ro ti táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó fi 3 pín in, ohun tó bá jáde la fi ń mọ ẹni tó máa bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Bí Lágbájá bá gba 72 nígbà náà, 63, 66 àti 72 yóò fún un ní 67 fún odidi ọdún. Ipò kẹfà tàbí ìkẹsàn-án kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Kọ̀ǹpútà ló bá wa ṣe ìròpọ̀ àti pípín, àmọ́ ọwọ́ ènìyàn ló tẹ máàkì sínú rẹ̀, ọwọ́ a sì máa ṣì tẹ nǹkan. Wọ́n lè tẹ 93 fún 39, wọ́n sì lè gbé máàkì ọmọ kan sí iwájú orúkọ ẹni tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹ ro tẹ́ẹ̀sì àti ìdánwò pọ̀ fúnra yín nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ó bá àpapọ̀ mu. Bí kò bá bára mu, ẹ mú káàdì náà wá pẹ̀lú ìwé ìdánwò tí wọ́n ti máàkì, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a bá wọlé. Ọ̀dọ̀ tíṣà iṣẹ́ náà lẹ ó kọ́kọ́ lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé máàkì wà. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò tún un ṣe, yóò fọwọ́ sí i, èmi yóò sì tún ìpíndọ́gba àti ipò gbogbo kíláàsì tò, a ó sì tẹ káàdì tuntun fún gbogbo ọmọ tí àtúnṣe náà bá kàn.