Dídá Owó Padà Kọ́ Ló Ń Parí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀

"Ẹ gba owó yín, a ò ta ilẹ̀ náà mọ́." Gbólóhùn yìí kì í ṣe àjèjì ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ àti ní Bẹ́yẹrúnká. Olùrà ti san owó sílẹ̀, wọ́n ti wọn ilẹ̀, wọ́n ti jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ẹlòmíràn wá gbé owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ dé, ni ẹbí bá yí ohùn padà. Wọ́n á ka owó olùrà fún un, wọ́n lè bu díẹ̀ lé e láti fi pẹ̀tù sí i nínú, gbogbo ẹni tó wà níjokòó á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán, torí wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti dá owó rẹ̀ padà kò lẹ́jọ́ mọ́. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àdéhùn títà bá ti dúró, tí olùrà sì ti ṣe tirẹ̀ tàbí tó ṣetán láti ṣe é, olùtà nìkan kọ́ ni yóò sọ pé owó ni kó gbà. Olùrà lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kó pàṣẹ fún olùtà láti parí títà náà, kó fọwọ́ sí ìwé, kó sì yọ̀ǹda ilẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ẹ bá san owó àpò èlùbọ́ ní Ọjà'ba, tí ẹni tó tà á kò gbé e fún yín mọ́, ẹ ó gba owó yín, ẹ ó sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Àpò kan lè dípò òmíràn, ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra àyè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Màpó, níbi tí páànù ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ti èkejì, bóyá torí kí mọ́tò lè ráyè wọlé ló ṣe rà á. Ibo ló máa gbé owó tí wọ́n dá padà lọ tó máa fi rí irú àyè yẹn rà? Láti ọdún 1824, nínú ẹjọ́ Adderley àti Dixon, ni ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé owó lè má tó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ra ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ náà lè ní iyì kan lójú rẹ̀ tí kò ní lójú ẹlòmíràn. Òfin yẹn bá òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn adájọ́ wa sì ń lò ó títí dòní. Lóòótọ́, ní 1996, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà sọ nínú ẹjọ́ Semelhago àti Paramadevan pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni kò ní àfirọ́pò, torí wọ́n ti ń kọ́ ilé rẹpẹtẹ tó jọra wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tuntun tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó sí i kó lè yéni. Ká ní ẹbí kan ní Bẹ́yẹrúnká fẹ́ ta ilẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́fà náírà. Olùrà san mílíọ̀nù mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò san méjì tó kù lọ́jọ́ tí ẹbí bá fọwọ́ sí ìwé tó máa sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Àdéhùn náà dárúkọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, ó sọ iye owó, ó sì tọ́ka sí àwòrán tí sọ̀feyọ̀ yà. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnìkan gbé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án wá. Ohun tí olùrà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé kó fi owó tó kù hàn: kí lọ́yà rẹ̀ kọ̀wé sí ẹbí pé mílíọ̀nù méjì náà wà nílẹ̀, kó dá ọjọ́ tí wọn yóò wá gbà á, kí ìwé báńkì sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó kàn ń fẹnu sọ pé òun ṣetán kò lè rí àṣẹ yìí gbà. Lẹ́yìn náà, kó gba Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀, nítorí Ilé-ẹjọ́ Gíga ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi irú ẹjọ́ ilẹ̀ ìgboro bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́. Kó bẹ adájọ́ pé kó dá ẹbí lọ́wọ́ kọ́ kí wọ́n má tà á kí ẹjọ́ tó parí. Ẹni tó bá sì rà á nígbà tí ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, ẹjọ́ ló rà. Bí àṣẹ bá jáde, tí ẹbí kọ̀ tí wọn ò fọwọ́ sí ìwé, ilé-ẹjọ́ lè yan ẹlòmíràn láti fọwọ́ sí i ní ipò wọn, yóò sì múlẹ̀ bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló ṣe é.

Àwọn kan á ní gómìnà kò tíì fọwọ́ sí i, nítorí náà kò sí àdéhùn kankan. Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, tí wọ́n dá ní 1989, ló fún ọ̀rọ̀ yìí lágbára: ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n fi dúró fún owó láìgba àṣẹ gómìnà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà là á yé wa pé èèyàn lè kọ́kọ́ bára wọn ṣàdéhùn kí wọ́n tó lọ gba àṣẹ. Gbígbé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan sọ́wọ́ ẹlòmíràn gan-an ni kò lè pé láìsí i. Olùtà ló sì yẹ kó lọ tọrọ rẹ̀. Nítorí náà, adájọ́ lè pàṣẹ pé kó lọ tọrọ rẹ̀. Bí gómìnà bá kọ̀, ibẹ̀ ni agbára àṣẹ náà mọ, owó sì ni olùrà yóò gbà.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti àwọn tó ní irú àṣẹ yìí máa gba ilẹ̀ baba ńlá kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Mi ò fojú kékeré wo ẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n òfin ti mọ odi yí ilẹ̀ ẹbí ká kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ní 1959, ilé-ẹjọ́ sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè tú títà náà ká. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà á lẹ́yìn olórí, asán ni títà náà látìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kò lè pàṣẹ kí wọ́n parí ohun tó jẹ́ asán. Bí ọmọ ilé kan bá dá lọ tà á láìsí mógàjí, olùrà yẹn kò ní rí ilẹ̀ gbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹbí tí àṣẹ yìí lè mú ni èyí tí mógàjí àti àwọn àgbà rẹ̀ jọ fọwọ́ sí títà, tí wọ́n jọ pín owó, tí owó ńlá wá yí wọn lọ́kàn padà lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ baba ńlá kọ́ ni irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò, mílíọ̀nù mẹ́ta tó lé lórí owó àkọ́kọ́ ni.

Olùrà náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nínú ẹjọ́ Odusoga àti Ricketts, ní 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ẹni tó san díẹ̀ nínú owó ilẹ̀ lábẹ́ àṣà, tí kò wá san ìyókù lásìkò, kò tíì ní ilẹ̀, kódà bó bá ti ń gbé orí rẹ̀. Ẹni tó jókòó wo ẹlòmíràn títí ó fi kọ́lé sí i kó tó pariwo náà kò ní rí adájọ́ tó máa fetí sí i, nítorí àánú adájọ́ wà nínú àṣẹ yìí. Kì í ṣe gbèsè tí ilé-ẹjọ́ jẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀, bí wọ́n bá ka owó yín sílẹ̀ níwájú yín, ẹ má tíì mú un, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i ni ẹ fúnra yín tú àdéhùn ká. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà.