Àtòkèrè Ni A Ti Í Wò Ó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti í wò ó." Òwe yìí bá iṣẹ́ káfíńtà mu púpọ̀, nítorí pé pákó tí ayùn bá ti gé kúrú kò tún lè gùn mọ́. Èrò tèmi ni pé káfíńtà tí ó bá ṣe àṣìṣe rẹ̀ tán nínú àwòrán kí ó tó fọwọ́ kan ayùn ni ó wo igi gogoro láti òkèrè. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú pé àwòrán, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè mọ ohun tí oníṣẹ́ kò bá wọ̀n. Ìtàn káfíńtà kan ní Ìbàdàn ni n ó fi ti ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lẹ́yìn.

Ọkùnrin yìí ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Síbẹ̀, ó ti kan wọ́dúróòbù kan rí tí ó kọ̀ láti nàró nínú yàrá ẹni tí ó ni ín. Gíga rẹ̀ kò tó ti àjà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbé e dìde láti ilẹ̀ ni igun rẹ̀ kọ́ àjà. Ojú oníbàárà náà ni ó ṣe fi ayùn gé ìdí rẹ̀ kúrò. Èrè iṣẹ́ náà wọmi, ìtìjú rẹ̀ kò sì tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó yá, ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ránṣẹ́ pè é. Ó fẹ́ wọ́dúróòbù tí yóò kún àyè tí ó wà láàárín ògiri méjì nínú yàrá rẹ̀. Káfíńtà fi pẹ́ńsù ya àwòrán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá náà sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ má bínú. Ilà lásán ni mo ń rí níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rí i bí yóò ti dúró nínú yàrá mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní san kọ́bọ̀."

Ọmọbìnrin káfíńtà yìí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní alaalẹ́, láti kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. SketchUp ni orúkọ ètò tí wọ́n lò. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le: ènìyàn yóò ya ojú pákó kan, yóò tẹ gígùn àti ìbú rẹ̀, bíi `2400,600`, yóò sì fi irinṣẹ́ tí ń jẹ́ Push/Pull fa ojú pákó náà sókè ní mìlímítà 18, tí í ṣe nínípọn bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni pákó kan ti pé lójú kọ̀ǹpútà, a sì lè yí i po kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Àṣìṣe kìn-ín-ní fara hàn ní kíá. Bàbá pín ìbú 2400 sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ya pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ní 800. Nígbà tí ó tò wọ́n, ó rí i pé àwọn pẹpẹ náà wọ inú pákó tí ó dúró. Ó ti gbàgbé pé pákó mẹ́rin ni ó dúró, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti méjì láàárín, nínípọn wọn sì jẹ́ 72 lápapọ̀. Ohun tí ó kù láti pín ni 2328, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 776. Bí ó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀dù gidi ni ó ti gé e, pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ìbá fi mìlímítà 24 gùn jù.

Èkejì ni ti ìtìjú àtijọ́. Gíga wọ́dúróòbù náà jẹ́ 2400, gíga àjà sì jẹ́ 2450. Lójú rẹ̀, àyè wà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ mú irinṣẹ́ Rotate, ó tẹ́ wọ́dúróòbù náà sílẹ̀ gbalaja, ó sì ń gbé e dìde díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó dúró tán, igun òkè rẹ̀ ti wọ inú àjà. Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí àpótí bá ń dìde, kì í ṣe gíga rẹ̀ ni ó ń kọjá lábẹ́ àjà, bí kò ṣe ìlà tí ó dábùú láti igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé igun òkè iwájú. Fún àpótí tí ó ga ní 2400, tí ó sì jìn ní 600, ìlà náà jẹ́ 2474. Bàbá wo ojú kọ̀ǹpútà títí, ó ní, "Àṣé ohun tí ó dójú tì mí nìyí!" Wọ́n yọ ìtẹ́lẹ̀ tí ó ga ní 100 sọ́tọ̀, gíga àpótí sì di 2300. Ìlà dídábùú rẹ̀ wá jẹ́ 2377. Yóò dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọn yóò sì wá gbé e lé ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti wí pé ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ tán. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán, wọ́dúróòbù oníbùú 2400 wọ àyè rẹ̀ rẹ́gí, nítorí pé Bàbá ti wọn àyè náà ní ilẹ̀, ó sì bá 2412. Ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lókè?" Kò lè dáhùn. Nígbà tí ó padà lọ pẹ̀lú téèpù rẹ̀, ó bá 2400 ní àárín, ó sì bá 2393 lẹ́bàá àjà. Ògiri ti fì. Kọ̀ǹpútà kò purọ́; ohun tí a sọ fún un ni ó yà. Wọ́n dín ìbú kù sí 2380, pẹpẹ kọ̀ọ̀kan sì di 769, wọ́n sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sétí láti bo àlàfo, èyí tí yóò jẹ́ 32 ní ìsàlẹ̀ àti 13 ní òkè. Igi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ káfíńtà ni yóò fá a títí yóò fi bá ògiri mu.

Nígbà tí ìyá náà rí àwòrán yìí, wọ́n ti gbé àwòrán ènìyàn kan tí ó ga tó o síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Pẹpẹ gèlè yìí ga jù fún mi. N ó ha máa gun àga kí n tó wé gèlè bí?" Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi dúróà sí àárín. Wọ́n fi sí i. Lẹ́yìn náà ni ó san owó àsansílẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dìde, Bàbá kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Òkè ni ó ń wò. Igun náà kọjá lábẹ́ àjà, kò kàn án. Ìyá náà rí àléébù kan síbẹ̀: ilẹ̀kùn kan fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Bàbá yí ìdè rẹ̀ díẹ̀, ó sì bára dọ́gba.

Àwọn kan ń wí pé ẹ̀rọ yóò sọ oníṣẹ́ di ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò ó: iṣẹ́ ọkùnrin yìí pọ̀ sí i ni, nítorí pé ó wọn ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí ó ti máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn sì rò pé ẹ̀rọ ni yóò sọ ènìyàn di káfíńtà. Kí àwọn náà lọ bi ògiri tí ó fì. Téèpù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwòrán tẹ̀ lé e, ayùn ni ó sì kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí padà, inú bọ́ọ̀dù olówó iyebíye ni yóò ti kọ́ ọgbọ́n.