"Àwọ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán": ẹni tí kò ríran ńkọ́?

Àbúrò mi kan tí kò ríran láti kékeré ra àdìrẹ lórí ìkànnì kan lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ ìbí màmá rẹ̀ ló ń bọ̀, màmá sì fẹ́ràn búlúù tó ṣú dáadáa, irú èyí tá a mọ̀ mọ́ aró. Ó san ₦28,000. Nígbà tí aṣọ dé, màmá tú u wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ó mà dáa o. Àmọ́ ṣé àwọ̀ ọsàn lo ní kí wọ́n fún ẹ?"

Ó pe ẹni tó tajà. Onítọ̀hún ní àwọn kì í gba ọjà padà, pé ṣebí àwọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: "Àwọ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán."

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n, mo ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì 5, kọ́tìnnì. Nígbà tí mo dé orí àwòrán, nǹkan tí fóònù kà fún mi ni IMG, 2, 0, 2, 4, nọ́ńbà lóríṣiríṣi." Orúkọ tí kámẹ́rà fún fáìlì ni fóònù ń kà. Àwòrán mẹ́rin ló wà lójú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sì sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Lórí fóònù Android, TalkBack ló ń ka ojú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran; ti iPhone ni VoiceOver. Tí ọ̀rọ̀ bá wà lójú ìwé, ó máa kà á. Tó bá kan àwòrán, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ sínú alt ló máa kà. Ojú lásán kì í rí ọ̀rọ̀ alt yìí, àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú tí àwòrán kọ̀ tí kò ṣí. Nígbà náà, bíráúsà sábà máa ń gbé e síbi tí àwòrán yẹ kó wà. Tí ẹni náà ò bá kọ nǹkan kan rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Mo lọ wo ojú ìwé ọ̀hún fúnra mi. Ká sòótọ́, aṣọ náà rẹwà. Àrà Ìbàdàndùn ni. Níbi tí mo ti ń wò ó ni mo ti rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣe níbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní ibi tiẹ̀. Ohun tí ojú rí ni ti alt. Ohun tí ojú rí àmọ́ tí kò lè dá mọ̀ ni ti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Àlàyé ọjà ló sì ni iye yáàdì, irú aṣọ, owó àti bá a ṣe ń fọ̀ ọ́. Tí mo bá ní kí n kọ ọ́, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

```
<figure>
<img src="adire-ibadandun-osan.jpg"
 alt="Àdìrẹ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ká sórí àga. Ìlà funfun pín in sí àpótí-àpótí; òpó àti ṣíbí tò sínú ọ̀kan, ẹyẹ wà nínú èkejì.">
<figcaption>Àrà Ìbàdàndùn: òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi yà á lọ́wọ́, l'Ábẹ́òkúta.</figcaption>
</figure>
```

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọ̀ ló ṣáájú nínú alt, torí àwọ̀ lẹni tó fẹ́ ra aṣọ máa kọ́kọ́ bèèrè. Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwòrán", torí TalkBack fúnra rẹ̀ máa sọ pé àwòrán ni. Mi ò dárúkọ Mápó níbẹ̀, torí òpó lojú rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tójú rẹ̀ là kedere gan-an ò mọ̀ pé òpó Mápó ni, ìdí nìyẹn tó fi wà lábẹ́ àwòrán níbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á. Tí mo bá tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ síbi méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi á gbọ́ ọ, á sì sú u.

Ọ̀rọ̀ Gúgù ló kàn, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń bi mí. Gúgù sọ ọ́ nínú ìlànà tó ṣe fún àwọn tó ní ìkànnì pé òun máa ń wo alt, orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó yí àwòrán ká, kóun tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "àdìrẹ aláwọ̀ ọsàn" ò lè tipa "àwọ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán" dé ìsọ̀ yín. Àmọ́ ibẹ̀ náà làwọn kan ti ń bà á jẹ́. Mo ti rí alt tó kà báyìí: "àdìrẹ, àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú, àdìrẹ Èkó, ra àdìrẹ". Ìlànà Gúgù kan náà kìlọ̀ pé irú ẹ̀ lè mú kí wọ́n ka ìkànnì yín sí ti oníwàyó. Ẹ tún wá ro ti ẹni tó ń fetí gbọ́ ọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń kọ owó, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sórí àwòrán, tí wọn ò wá kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ ju "ẹ kàn sí wa" lọ. Ẹ̀yin náà ò lè da nọ́ńbà yẹn kọ látorí àwòrán bó ṣe yẹ! Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú àlàyé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Ní ti òdòdó àti ìlà tẹ́ ẹ fi ṣe ojú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́, alt="" ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, tó ṣófo bẹ́ẹ̀, ohun tó ń kàwé á sì fò ó kọjá. Alt tó ṣófo yàtọ̀ sí pé kẹ́ ẹ má fi alt síbẹ̀ rárá.

Mo fi àpẹẹrẹ tí mo kọ yẹn ránṣẹ́ sí ọlọ́jà náà. Mo ti múra ìjà, kí n má purọ́. Ohun tó fi fèsì ni, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti ń kọ ọ́?" WordPress ló ń lò. Àpótí kan wà níbi tó ti ń gbé àwòrán sókè, Alternative Text lorúkọ rẹ̀, Caption náà wà nítòsí ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn, ó ń fò wọ́n kọjá ni. Lórí Wásáàpù, níbi tí kò ti sí àpótí alt, ẹ kọ àwọ̀ àti àrà sínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àwòrán.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù, kẹ́ ẹ ka alt náà fún un, kẹ́ ẹ wá ní kó sọ irú aṣọ tó jẹ́. Tó bá bèèrè pé "àwọ̀ wo?", ẹ tún un kọ.

Ìṣòro kan ṣì wà tí alt ò lè yanjú. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí fóònù àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ka Yorùbá bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ka alt tí mo kọ sí i létí látorí fóònù tiẹ̀, ó gbọ́ "ọsàn" ní ìgbà kejì kó tó yé e. Ó ní ó ṣì sàn ju nọ́ńbà lọ. Màmá sì ti fi aṣọ náà rán bùbá.