Bí Wọ́n Bá Sún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Síwájú Lójijì

Ẹ̀yin ará ilé wa lókè òkun, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ la mú wá lóṣù yìí. Bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò kò bá lè jókòó mọ́, ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń kọ kì í ṣaláìdùn. Ọjọ́ àti aago ló máa ń kù nínú rẹ̀.

Ká ní ẹnì kan ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pè é sí Mánṣẹ́sítà fún iṣẹ́ oníṣirò owó, aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó ti gba ọjọ́ kan tí wọn kò ní sanwó fún níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní òun kò ní lè wá.

Fóònù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe ímeèlì. Wọn kì í dá owó irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra, èèyàn lè pààrọ̀ ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi £10, àti àfikún bí ọkọ̀ tuntun bá wọ́n jù ú lọ. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, owó ti wọgbó.

Lẹ́yìn fóònù ni lẹ́tà. Èyí tó dára lójú wa rèé:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wa kò ní lè wá lọ́la, nítorí náà a kò ní lè rí yín. Ẹ̀bi yín kọ́, orúkọ yín ṣì wà láàárín àwọn tí a fẹ́ rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí àkókò méjì: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán, tàbí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn kó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá ti náwó ọkọ̀, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́.”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí” ni egungun ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Ẹlòmíì á dá ọjọ́ láìbi ìgbìmọ̀, á sì tún sún un lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló máa gba ẹ̀bẹ̀ yẹn? Àwọn kan á ní kí àwọn méjì tó kù máa bá a lọ. A kò fara mọ́ ọn. Bí èèyàn mẹ́ta bá fún ẹni àná ní máàkì, tí méjì sì fún ẹni òní, kí la fẹ́ fi wọn wéra?

Ní ti owó ọkọ̀, kò sí òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ san án. Ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́.

Ẹ má dáhùn pé “ọjọ́ yòówù ló dára” tí iṣẹ́ alẹ́ bá wà nílẹ̀ fún yín. Ọjọ́ tí ẹ máa lè wá ni kí ẹ mú. Bí lẹ́tà bá sì ní “a ó kàn sí yín láìpẹ́” nìkan, ẹ béèrè bóyá àyè iṣẹ́ náà ṣì ṣí sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ máa gbọ́. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìsí èsì, ẹ má dúró dè wọ́n, ẹ máa kọ̀wé síbòmíì.