Ẹ Yé Gé Oògùn Bàbá Sí Mẹ́rin Láìbéèrè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ apárí la gbé wá lónìí. A ò sọ ti àgbàlagbà. Ọmọ ọdún 22 tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn, tí kì í fẹ́ ṣí fìlà mọ́, là ń bá wí. Ìmọ̀ràn kan ló ń jà ràn-ìn láàárín irú wọn ní Adó-Èkìtì yìí: lọ ra finásítẹráìdì, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń há mọ́ lára, fi abẹ gé e sí mẹ́rin, kí o máa gbé ìdá kan mì lójoojúmọ́. Ẹni tó ń tà á kì í béèrè nǹkan kan. Ẹni tó ń rà á náà kì í béèrè. Apárí fojú di abẹ, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé májèlé ni oògùn yìí. Ó ń ṣiṣẹ́, a sì mọ bó ṣe ń ṣe é. Nínú ara ọkùnrin, ẹ́nsáìmù kan wà tó ń sọ tẹsitósítẹ́róònù di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní DHT. Ẹni tó bá jogún apárí, DHT yìí ló máa ń mú kí gbòǹgbò irun rẹ̀ sún kì, títí irun tó ń hù níbẹ̀ á fi dà bí ìhùùhù. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dómíníkì tí wọ́n bí àwọn ọkùnrin kan sí tí ẹ́nsáìmù yìí kò tó nínú ara wọn. Pùrósítéètì wọn kéré, orí wọn kò sì pá. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ oògùn náà ti rí ọ̀nà. Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí finásítẹráìdì mílígíráàmù 5 fún pùrósítéètì tó wú. Ní 1997, wọ́n fọwọ́ sí mílígíráàmù 1 fún irun orí. Oògùn kan náà ni méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọkùnrin tí irun àtàrí wọn ń jẹ, ọdún 2 kọjá. Nínú 100 tó lo oògùn gidi, nǹkan bí 83 ni iye irun wọn kò dín sí ti tẹ́lẹ̀. Nínú 100 tó gbé hóró òfìfo mì, 28 péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oògùn náà ń ṣe dáadáa: ó ń dáàbò bo irun tó ṣì wà ju bó ṣe ń dá èyí tó ti lọ padà. Orí tó ti ń dán gbinrin kò ní tìtorí rẹ̀ hu igbó. Ó máa ń tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀. Bí ẹ bá sì dáwọ́ dúró, láàárín ọdún kan ohun tí ẹ jèrè á ti lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 22, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń bá oògùn dá májẹ̀mú.

Ìbẹ̀rù àwọn ọkùnrin ni pé ó lè pa okun mọ́ wọn lára. Nínú ìdánwò yẹn, àwọn tó ní ìṣòro lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kò tó 4 nínú 100, nǹkan bí 2 nínú 100 ló sì ní in láàárín àwọn tó ń gbé hóró òfìfo. Èyí kéré, àmọ́ kì í ṣe òfo. Àwọn kan sì ti fi tó àwọn aláṣẹ létí pé ìṣòro náà kò lọ lẹ́yìn tí àwọn dáwọ́ dúró. Yàtọ̀ sí èyí, ní 2025 àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni wà lára ohun tí oògùn náà lè fà. Bí ọkàn yín bá ṣàdédé wúwo, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ sì tètè rí dókítà.

Ohun tó wá dùn wá jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nígbà tó bá ń gé oògùn sí mẹ́rin. Jẹjẹrẹ pùrósítéètì máa ń bá àwa èèyàn dúdú jà gan-an. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ ni PSA. Finásítẹráìdì, mílígíráàmù 1 náà pẹ̀lú, máa ń gé iye PSA sí nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn oṣù bíi 6 sí 12. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan nínú wa ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́, ó pé ọmọ ọdún 48, ó lọ ṣàyẹ̀wò. Èsì jáde: 2.6. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń fi 4 ṣe ààlà, nítorí náà dókítà ní kó máa lọ ilé ní àlàáfíà. Bó bá mọ̀ nípa oògùn náà ni, ìlọ́po méjì ni ì bá ṣe, iye náà ì bá sì di 5.2, ì bá ti tẹ̀ síwájú láti wádìí. Oògùn irun ti bo àmì àrùn mọ́lẹ̀, nítorí pé ọkùnrin kan tijú láti dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹlòmíràn. Oògùn yìí lè ṣe ọmọkùnrin inú oyún ní jàǹbá ní ẹ̀yà abẹ́ rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró tó ti gé tàbí tó ti fọ́, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì tí gbogbo ilé ń lò lẹ ti ń fi abẹ gé e! Ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ títí oṣù kan á fi kọjá lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró, torí a ò mọ aláboyún tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ náà sí lára.

Ẹ máa sọ pé owó dókítà wọ́n, pé wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra oògùn ọdún mẹ́wàá kò lè ní òun ò lówó ìbéèrè ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó níbí, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n báyìí:

Ṣé apárí àjogúnbá ni tèmi lóòótọ́, àbí làpálàpá tàbí àrùn mìíràn ló ń jẹ irun náà? Ṣé irun tó kù tó ohun tí oògùn lè dáàbò bò? Mo ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí, tàbí ìṣòro ìbálòpọ̀. Ṣé ó yẹ kí n lò ó? Ṣé kí a kọ́kọ́ lo oògùn tí wọ́n ń fi pa orí? Bí àwa méjèèjì nílé bá ń wá ọmọ ńkọ́? Ìgbà wo ni kí n padà wá, kí ni kó sì mú mi dáwọ́ dúró?

Ẹ̀yin tó ń ta oògùn, ẹ béèrè ọjọ́ orí, ẹ béèrè ìdí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ PSA fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ kọ orúkọ oògùn náà sínú fóònù yín, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo dókítà tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.