Páásípọ́ọ̀tù Tó Kú Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ lórí òpó yìí mọ̀ pé ìjà èmi àti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ìjà àná. Mo ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹnu ń yún mi. Alájà kan ní àdúgbò wa, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń ta léèsì, fẹ́ lọ ra ọjà ní Dùbáì nínú oṣù Kẹjọ yìí. Ó ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, físà ti jáde, ó ti ṣẹ́ náírà sí dọ́là. Ó dé iwájú káńtà ní Ìkẹjà, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ṣí páásípọ́ọ̀tù, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ ò lè lọ. Páásípọ́ọ̀tù yín ò ní oṣù mẹ́fà lára mọ́.”

“Ọmọ mi,” ni Alájà wí, “ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Ṣé a ti dé oṣù Kìíní ni?”

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: oṣù tó kù, ewé tó ṣófo, àti bí èèyàn ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká mú ti oṣù.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tù, ìṣirò Nàìjíríà nìyẹn. Ìlú tí ẹ ń lọ ní tirẹ̀. Dùbáì ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lọ́jọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́fà sẹ́yìn láti ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, ọjọ́ 18 oṣù Keje lẹ máa bá. Nígbà tí físà Alájà jáde níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, oṣù mẹ́fà ṣì pé. Nígbà tó fi máa gbé àpótí ẹ̀ dé Ìkẹjà, páásípọ́ọ̀tù náà ti kú lójú àwọn ará ibẹ̀. Físà kò jí i.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwé yẹn kan náà kò kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Bìrìtìkó ò béèrè ju kí páásípọ́ọ̀tù yín ṣì wà láàyè títí ẹ ó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Amẹ́ríkà ní òfin oṣù mẹ́fà, àmọ́ wọ́n ní orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ̀ǹda fún, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Gúúsù Áfíríkà ń fẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ lé sí ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Àwọn ìlú Yúróòpù tó ń lo físà Ṣẹ́ńgẹ̀n ń fẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde, wọn ò sì gbà kí páásípọ́ọ̀tù náà ti pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé. Ẹ kíyè sí i: ibì kan ń kà á láti ọjọ́ ìwọlé, ibòmíràn láti ọjọ́ ìjáde. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Páríìsì gbọ́dọ̀ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn mọ́ ọn.

Ẹ máa ní kí ló kan ọmọbìnrin káńtà. Owó ló kàn án. Bí àlejò bá ṣàìsàn tàbí tó bá sá pamọ́ kọjá àkókò rẹ̀, kò sí ìjọba tó fẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù parí sí i lọ́wọ́, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa fi dá a padà sílé. Ọkọ̀ tó bá sì gbé ẹni tí kò yẹ kó wọlé wá ló máa gbé e padà, á tún san owó ìtanràn. Láti ọdún 2001 ni òfin àjọpọ̀ Yúróòpù ti fàyè gba owó ìtanràn tó lè dé 5,000 yúrò lórí èèyàn kan. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní káńtà. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni abẹ gé.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún gan-an ni mo wá bá jà. Timatic lorúkọ àkójọ òfin tí wọ́n ń wò níbẹ̀. Àjọ IATA ló ni ín. Kò sí awo níbẹ̀. Ẹ lè wò ó fúnra yín ní iatatravelcentre.com, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà sì gbé e sórí ìkànnì tiwọn. Ẹ máa kọ orílẹ̀-èdè tó fún yín ní páásípọ́ọ̀tù, ibi tí ẹ ń lọ, ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ má sì gbàgbé ìlú tí ẹ ti máa pààrọ̀ ọkọ̀, torí ìlú yẹn náà lè ní òfin tirẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, kí ẹ tún un wò bí ọjọ́ ìrìn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Ẹ̀gbọ́n tó lọ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ẹ̀rí.

Àmọ́ ṣebí nígbà tí Alájà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó kọ ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa parí? Ó kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tó rí i ní káńtà, kí ló fọ́ ọ lójú lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó? Wọ́n ní inú ìwé àdéhùn ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé kí oníbàárà lọ wádìí òfin fúnra rẹ̀. Ta ló ń ka ìwé yẹn?

Mo ti ṣèlérí ọ̀rọ̀ ewé, inú ti bí mi kọjá ibẹ̀, àfi kí n sọ ọ́ wéré. Ẹni tó ń wá físà Ṣẹ́ńgẹ̀n gbọ́dọ̀ ní ewé méjì tó ṣófo. Físà náà fúnra rẹ̀ á jẹ odindi ewé kan. Ta wá ló ń jẹ ewé wa? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ni. Mo máa ń wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Àkírà. Bí wọ́n bá lù ú pé, Nàìjíríà á fi òǹtẹ̀ tì mí jáde ní Sẹ̀mẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ á gbà mí wọlé, á tún tì mí jáde ní Hílákọ́ńjì, Tógò á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, Gánà á gbà mí wọlé ní Àfúláò. Òǹtẹ̀ mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀. Ewé tó lè gba òǹtẹ̀ mẹ́rin, ọ̀gá kan á ṣí i, á wo gbogbo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, á wá lu tirẹ̀ sáàárín ewé tuntun gbàgà bí ẹni ń lu gbàǹjo. Mo ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ rí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí kọ̀rọ̀ yìí.” Ó ní ṣé èmi ni mo máa kọ́ òun níṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà yẹn déédéé, kó lọ gba ìwé ìrìnnà Ẹ́kówáàsì, kó jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n á máa lù fọ́.

Oṣù àti ewé tó ń ṣòfò yìí, owó ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, páásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún eléwé 32 ti di 100,000 náírà nílé, ọlọ́dún mẹ́wàá eléwé 64 sì di 200,000. Bí ìlú tí ẹ ń lọ bá ń béèrè oṣù mẹ́fà, ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lẹ rà, 10,000 náírà ti wọgbó. Ẹni tó bá ra ọlọ́dún márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì á pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà tó bá lówó rẹ̀, kó ra ọlọ́dún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Àpótí tí a ń kọ ọjọ́ ìparí páásípọ́ọ̀tù sí wà lójú ìkànnì yín, òfin ìlú gbogbo sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ so méjèèjì pọ̀, kí ó máa pariwo mọ́ wa kí a tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó.