Owó Ọkọ̀ Tó Há Sójú Ọ̀nà

Gbogbo ẹni tó ń wọ dánfó l'Ékòó ló mọ ọ̀rọ̀ yìí: "Àláàtì ò tíì wọlé o!" Èrò ti ṣe táńsífà, owó ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, kọ̀ńdọ́ sì di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Kíá làwọn tó jókòó á ti pe ọ̀kan nínú wọn ní òpùrọ́. Lójú tèmi, lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tí ò dáa níbẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ la ti ń dúró de ìdáhùn bánkì.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa owó náà. Ká ní owó ọkọ̀ yín jẹ́ ₦1,000. Ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì kọ̀ńdọ́, orúkọ rẹ̀ jáde, ẹ tẹ píìnì. Bánkì yín á kọ́kọ́ yọ ₦1,000 yẹn. Lẹ́yìn náà, á rán iṣẹ́ sí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn bánkì Nàìjíríà pọ̀. NIBSS á jẹ́ iṣẹ́ náà fún bánkì kọ̀ńdọ́. Ìyẹn á fi owó sínú àkáǹtì rẹ̀, á sì dáhùn pé 00, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti bọ́ sí i. Ìdáhùn yìí á wá gba ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà lọ padà sílé. Tó bá lọ geere, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn yìí gan-an ni wàhálà. Tí iṣẹ́ ò bá tilẹ̀ kúrò ní bánkì yín, ó rọrùn, wọ́n á dá owó padà. Ṣùgbọ́n tí ìdáhùn bá sọnù lójú ọ̀nà ńkọ́? Bóyá kọ̀ńdọ́ gbowó o, bóyá kò gbà á o, ohun kan náà ni bánkì yín ń rí: kẹ́kẹ́ pa. Tó bá dá ₦1,000 padà, tí kọ̀ńdọ́ sì ti gbà á, bánkì ti wọ gbèsè. Tó bá tún un rán, kọ̀ńdọ́ lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Pending lójú fóònù yín. Bánkì ṣì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Nọ́ńbà tó fi ń béèrè wà lórí rìsíìtì yín, Session ID ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà 30 ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti bánkì tó rán owó, 12 tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ àti àsìkò tí ẹ rán an. Bánkì kọ̀ńdọ́ lè fi í wá owó náà. Tí ẹ bá tún táńsífà ṣe nítorí pé kọ̀ńdọ́ ń pariwo, Session ID tuntun nìyẹn, owó méjì lẹ san. (Tí bánkì méjèèjì bá sì ti parí iṣẹ́ wọn, ọ̀nà mìíràn ni àláàtì orí SMS ń gbà. Kí kọ̀ńdọ́ wo iye tó wà nínú áàpù rẹ̀ ló dáa jù.)

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Láti December 2012 ni wọ́n ti ń fi káàdì bánkì kan ẹ̀rọ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í dúró de bánkì. Ó máa ń yẹ káàdì wò bóyá ojúlówó ni, ó sì ń wò ó bóyá ó wà nínú ìwé àwọn tó jẹ gbèsè. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wọlé. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣírò gbogbo ìrìn ọjọ́ náà, kí wọ́n tó béèrè owó. Tí bánkì bá kọ̀, káàdì yẹn á wọ inú ìwé náà, iná pupa ló sì máa tàn fún un títí tí gbèsè á fi tán. Tiwọn náà ní àléébù: nọ́ńbà tí fóònù ń lò yàtọ̀ sí ti káàdì tí ẹ fi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi káàdì wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó fi fóònù jáde, ìrìn méjì tí kò parí ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń di aṣọ ẹnikẹ́ni mú.

Ẹ lè sọ pé kọ̀ńdọ́ dánfó kì í ṣe ìjọba Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ ra epo lónìí, ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́. Kò lè gba ewu náà, kò sì yẹ kí èrò gbà á. Àwọn bánkì ló lè gbà á. Ẹ rántí pé nígbà tí táńsífà bá wọlé kíá, àwọn bánkì fúnra wọn ò tíì san owó gidi fún ara wọn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni wọ́n ń jókòó ṣírò ẹni tó jẹ ẹnì kejì. Wọ́n ti ń fọkàn tán ara wọn báyẹn lórí mílíọ̀nù. Kí wọ́n fi kún un pé, fún owó kékeré bíi ₦2,000 sísàlẹ̀, bánkì tó bá ti yọ owó lọ́wọ́ èrò ló máa dúró fún un: kí kọ̀ńdọ́ fi fóònù rẹ̀ ka rìsíìtì èrò, kí ó rí i pé bánkì yẹn ti fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ sì máa lọ. Tí ìdáhùn bá sọnù, kí bánkì méjèèjì máa wá a láàárín ara wọn, nínú ọ́fíìsì tí éásì wà.